Ìwé Tí Bàbá Onígóòlù Kọ sí Ẹnì Kan Ṣoṣo

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí: mi ò ka àwọn èèyàn yìí sí. Igba ó lé mẹ́rìnlá ni wá nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá, ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé wọn. Ẹni tó lè gbẹ́ eyín kan títí tí yóò fi bá èkejì rẹ̀ mu, tí okùn òwú kò ní lè gba àárín wọn kọjá, ẹni yẹn kan náà kò lè wo ibi tí ìwé rẹ̀ ń lọ kí ó tó fi ránṣẹ́. Ojú wọn ń ríran nínú ẹnu ẹlòmíì. Tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹnu tiwọn, ojú fọ́.

Ẹgbẹ́ wa ní àdírẹ́sì ímeèlì kan. Ohun tí o bá kọ sí i, gbogbo wa ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyẹn kò burú. Ìdáhùn ni wàhálà. Bí ìwé bá gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ wá, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ni wàá rí lókè rẹ̀ gàdàgbà, ṣùgbọ́n bí o bá tẹ "Fèsì", àdírẹ́sì ẹgbẹ́ ni kọ̀ǹpútà máa kọ síwájú "Sí", kì í ṣe ti ẹni náà. Bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn. Orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ ni o rí, o rò pé ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ lẹ jọ wà ní yàrá, àṣé àárín ìpàdé lo dúró sí, aṣọ ti tú nídìí rẹ.

Mo ní ìwé àjákọ kan nínú dúrọ́ọ̀ mi tí mò ń kọ wọ́n sí. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Bá mi sọ fún alága pé ara mi ò yá, mò ń lọ wo bọ́ọ̀lù." Alága kà á kí ọ̀rẹ́ tó kà á. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó sọ fún igba èèyàn ó lé nípa eéwo tó wà ní ìdí ọkọ rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n máa tú u. Ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ni mo ti kọ kún. Bí inú mi bá bàjẹ́, mo máa ń ṣí i, mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Mo lè yí i padà o. Ọwọ́ mi ni ẹ̀yìn ilé ímeèlì ẹgbẹ́ wà, ojú ewé kan ni, ìlà kan ló wà níbẹ̀ tó ń béèrè pé: kí ìdáhùn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ̀wé, tàbí kí ó lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́? Títẹ̀ kan ni. Lọ́dún tó kọjá, Bàbá Onígóòlù pè mí lórí fóònù, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yí nǹkan yìí padà. Àwa àgbà ń ṣubú lórí ẹ̀." Mo dá a lóhùn pé, "Bàbá, kì í ṣe nǹkan yẹn ló yẹ ká yí padà. Ẹ máa wo ibi tí wọ́n kọ 'Sí' sí." Ó ní ó dáa. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Òótọ́ tó wà nídìí ẹ̀ ni pé bí mo bá yí i, ìwé àjákọ mi tán nìyẹn.

Bàbá Onígóòlù yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òun ló kọ́ ìdajì wa níṣẹ́. Góòlù ló mọ̀ ọ́n bò mọ́ eyín jù, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Iyàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní fèrèsé ńlá kan tí oòrùn àárọ̀ ń gbà wọlé, gbogbo oníṣẹ́ eyín ló ń ṣojúkòkòrò rẹ̀, nítorí àwọ̀ eyín kì í purọ́ lójú oòrùn.

Ó di ọjọ́ Ẹtì kan. Mo ti dé ibi iṣẹ́ láti aago méje àbọ̀. Mo ti da pílásítà sínú àwòṣe ẹnu mẹ́ta, mo tò wọ́n sórí pákó kí wọ́n le, mo sì ń yọ́ ìda lórí iná kékeré nígbà tí fóònù mi kígbe. Ìwé dé láti inú ẹgbẹ́. Bàbá Onígóòlù ni. Ó ń dá Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ jẹ́. Ọmọbìnrin kan ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Pátápátá. Bí ó bá di ìda mú, ẹ ò ní mọ̀ pé ọwọ́ kan án. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ yẹn, òun nìkan ni mi ò tíì rí ibi tí mo lè ti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá Pátápátá ní tirẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tó tóbi jù nínú wa, àyà rẹ̀ sì tóbi ju ilé iṣẹ́ náà lọ. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ yìí fi sìn ín, nítorí òfin wa ni pé ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ fi ọdún mẹ́ta ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan, kí ọ̀gá náà sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ìparí. Tí ọ̀gá ò bá fọwọ́ sí i, ọdún mẹ́ta náà ṣòfò. Kó lọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíì láti orí fífọ àwo pílásítà.

Ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ló pé ọdún mẹ́ta. Aago méjì ọ̀sán ni Ọ̀gá Pátápátá ní òun á fọwọ́ sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ti béèrè ìbéèrè kan nínú ẹgbẹ́: eyín àtọwọ́dá òkè kan tó bo àjà ẹnu, tí ó ṣe fún bàbá kan, ti là ní àárín gbùngbùn lẹ́ẹ̀mejì, kí ló lè fà á? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn Bàbá Onígóòlù nìyí, bí ó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́:

"Ọmọ mi, ó dájú pé àjà ẹnu rẹ̀ le láàárín ju ẹ̀gbẹ́ lọ, eyín náà ń mì lórí rẹ̀ bí ìgbà tí pákó bá dábùú òkúta. Fá inú rẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ kí ó lè jókòó. Ní ti èyí tí a jọ sọ, mo ti palẹ̀ ìdí fèrèsé mọ́ fún ọ. Ọjọ́ kìíní oṣù ni kí o wá. Ṣáà jẹ́ kí ọkùnrin yẹn fọwọ́ sí ìwé rẹ lónìí ná. Má jẹ́ kí ó gbóòórùn rẹ̀ o, nítorí bí ó bá mọ̀ pé ò ń lọ, kò ní fọwọ́ sí i láéláé. Mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́, ahun ni láti kékeré."

Mo kà á. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí, mi ò ní purọ́. Mo ti na ọwọ́ sí dúrọ́ọ̀ kí n tó mọ ohun tí mo kà. Nígbà tó yé mi, ọwọ́ mi dúró sára dúrọ́ọ̀, ìda tó wà lórí iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín.

Fóònù dún. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni. Ohùn rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́, mo ń gbọ́ omi tó ń kán sínú bàsíà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló sá sí.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ti rí i?"

"Mo ti rí i."

"Mo gbé mà. Ṣé ẹ lè pa á rẹ́?"

"Mo lè yọ ọ́ kúrò nínú àpótí àtijọ́ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wọ fóònù àwọn èèyàn, kò sí ẹni tó lè fà á jáde. Ẹyin lohùn, ìyá mi. Ṣé ọ̀gá rẹ ti wá?"

"Wọ́n wà lókè. Wọn ò tíì sọ nǹkan kan."

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Mo ṣí orúkọ Ọ̀gá Pátápátá lẹ́yìn ilé ẹgbẹ́. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀: àkópọ̀. Àwọn bí ọgọ́rin ló wà bẹ́ẹ̀ nínú wa, àwọn tí kò fẹ́ kí fóònù máa dún létí wọn ní gbogbo ìgbà. Kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ máa ń kó gbogbo ìwé jọ fún wọn, á dì wọ́n pọ̀ sínú ìwé kan, á sì fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní aago méjìlá ọ̀sán. Ọ̀gá Pátápátá máa ń ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún òun, á máa kà á bí ó bá ń jẹun, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn, kò ní fo ẹyọ kan.

"Gbọ́," ni mo wí, "kò tíì rí i. Aago méjìlá ló máa rí i. Ó ku wákàtí mẹ́ta. Padà sídìí iṣẹ́ rẹ, fọ ojú rẹ, má bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn ara rẹ̀ kò ní pe ọ̀gá rẹ láàárọ̀ láti fi ọ̀rọ̀ yìí pa á lẹ́rìn-ín."

"Ẹ ṣé mà. Ẹ ṣé gan-an ni. Ọlọ́run á ṣìkẹ́ yín mà."

Mo pe àbúrò mi ọkùnrin. Òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tí ímeèlì ẹgbẹ́ wa ń gbé. Ó wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́.

"Àǹtí mi, àkópọ̀ tí kò tíì lọ yẹn, fáìlì lásán ni. Tí mo bá ti dé ìdí ẹ̀, mo lè ṣí i, mo lè yọ ìwé ẹyọ kan yẹn kúrò nínú ẹ̀, àti gbogbo èyí tó bá dà á kọ. Aago méjìlá á lu, á lọ láìsí i níbẹ̀."

"Ìgbà wo lo máa dé ibẹ̀?"

"Aago mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà o. Kì í ṣe aago nìkan ló ń lé e jáde. Ó ní ìwọ̀n. Tó bá ti ju ọgbọ̀n kílóbáìtì lọ, kò ní dúró de aago méjìlá mọ́, lójú ẹsẹ̀ ló máa lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dákẹ́."

Ẹ jẹ́ kí wọ́n dákẹ́! Àwọn wo? Bí a bá ní kí èkuru ó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo. Ṣùgbọ́n àwọn ará mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ọwọ́. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méje, ẹni àkọ́kọ́ kọ̀wé sí gbogbo wa: "Mo rò pé kì í ṣe èmi ni wọ́n kọ èyí sí." Ó ṣeun. Ẹnì kejì: "Kì í ṣe èmi náà." Ẹnì kẹta: "Ẹ yọ orúkọ mi kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí," bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ní ilẹ̀kùn tí mo lè gbà tì í jáde. Ẹnì kẹrin sọ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má fèsì sí gbogbo èèyàn mọ́. Ẹnì karùn-ún fèsì sí gbogbo èèyàn pé òótọ́ ni ẹnì kẹrin sọ.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gé ìrù ìwé rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí mo ń pè ní ìrù: bí o bá tẹ "Fèsì", gbogbo ìwé tó ti wà tẹ́lẹ̀ ló máa to ara wọn sábẹ́ tìrẹ. Nítorí náà, ẹni tó kọ "Kì í ṣe èmi náà" gbé ìwé Bàbá Onígóòlù látòkè délẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀ lé e, ó wá fi orúkọ ara rẹ̀ dé e lórí, pẹ̀lú oyè, nọ́ńbà fóònù mẹ́ta, àti àdúrà fún ẹni tó bá kà á. Ọ̀rọ̀ márùn-ún, ẹrù ìgbéyàwó.

Bàbá Onígóòlù náà wá fúnra rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó kọ̀wé sí gbogbo wa pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka èyí tí mo kọ láàárọ̀. Àṣìṣe ni. Ọmọ náà nìkan ni mo kọ ọ́ sí." Ó sì fi èyí tí wọn kò gbọ́dọ̀ kà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rèǹtè rente. Inú bí mi títí orí fi ń ta mí. Mo pè é.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀."

"Akọ̀wé, mo tẹ orúkọ rẹ̀ ni. Orúkọ rẹ̀ ni mo rí lókè. Ṣé mo ti ba ayé ọmọ yẹn jẹ́?"

"Ẹ ò tíì bà á jẹ́. Ẹ ṣáà má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́."

"Mo bẹ̀ yín lọ́dún tó kọjá," ni ó wí, jẹ́jẹ́. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń báni jà. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, àbúrò mi pè. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn tán.

"Mo ti wà nídìí ẹ̀. Háà! Àǹtí mi, kílóbáìtì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti wà níbẹ̀. Ti ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé báyìí, òun nìkan ju mẹ́rin lọ. Kí ni bàbá yẹn ń kọ tó gùn tó bẹ́ẹ̀?"

"Àmòfin ni." Àmòfin kì í ṣe amòfin o. Eyín ló ń ṣe bíi tiwa. Ìnagijẹ rẹ̀ ni, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tó kọjá lára rẹ̀ tí kò ní dájọ́ fún.

"Ẹ gbọ́ o. Ẹ lọ sí ojú ewé yín, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ìlà tó ní kí gbogbo ìwé dúró de àṣẹ yín kó tó lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí báyìí. Mo fẹ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì yìí ná kí n tó fọwọ́ kàn án, mi ò sì fẹ́ kí nǹkan kan wọlé bá mi. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fẹ́. Tí irú ìwé Àmòfin yẹn kan bá tún wọlé, ó ti lọ nìyẹn."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ kọ́kọ́ tì í o, Àǹtí mi."

"Mo ní mo ti gbọ́! Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ni?"

Mo ṣí kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì, èyí tí eruku pílásítà ti sọ di funfun. Ìwé Àmòfin ló kọ́kọ́ yọ sí mi lójú. Ó ní: "Ó ṣe ni láàánú pé ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé bíi tiwa kò lè lo ohun tí ọmọdé ń lò. Mo ti kó gbogbo ìwé òwúrọ̀ yìí jọ sí ìsàlẹ̀ kí kálukú lè rí àṣìṣe rẹ̀. Ó sì yẹ kí akọ̀wé wa, tí a fi iṣẹ́ yìí sí lọ́wọ́, kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bí wọ́n ṣe ń dá ẹnì kan lóhùn, bí òun fúnra rẹ̀ bá mọ̀ ọ́n."

Bí òun fúnra rẹ̀ bá mọ̀ ọ́n.

Ojú ewé tí mo fẹ́ fi ti ilẹ̀kùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó ti ṣí sílẹ̀. Ìlà náà wà lójú mi. Mo rò ó pé bí mo bá kọ́kọ́ tì í, ìwé tèmi náà á há sẹ́nu ọ̀nà. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Mo lè tì í, kí n fi ọwọ́ ara mi gba tèmi wọlé lẹ́yìn náà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fi ẹ̀gàn àwọn èèyàn yìí sínú, ó ti kún dé ọrùn mi, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ kí ilẹ̀kùn tó sé. Mo tẹ "Fèsì". Mo kọ ọ́ láìsinmi:

"Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Bí ẹnì kan bá kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tí ẹ sì fẹ́ dá òun nìkan lóhùn, ẹ má tẹ 'Fèsì' kí ẹ sì máa retí iṣẹ́ ìyanu. Ẹ wo orúkọ ẹni náà lókè ìwé, ẹ tẹ̀ ẹ́, àdírẹ́sì rẹ̀ á yọ, ẹ dà á kọ. Ẹ ṣí ìwé tuntun. Ẹ fi àdírẹ́sì yẹn síwájú 'Sí'. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ tún ibẹ̀ wò: bí ẹ bá rí àdírẹ́sì ẹgbẹ́, kì í ṣe ẹnì kan lẹ ń bá sọ̀rọ̀, gbogbo wa ni. Ẹ wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi gíláàsì wo eyín ẹlẹ́yín, ẹ fi ojú lásán wo ìlà kan ṣoṣo. Àti pé, ẹ máa gé ìrù ìwé yín. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ́ iṣẹ́ yín, ó yẹ kí ẹ mọ̀."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó dùn mọ́ mi. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn pàápàá, mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá kọjú sí ojú ewé kejì, mo ti ilẹ̀kùn.

Fóònù dún kí n tó gbé ọwọ́ kúrò.

"Àǹtí mi! Kí lẹ ṣe?"

"Mo ti tì í."

"Ìwé kan wọlé kí ẹ tó tì í. Ó ju kílóbáìtì márùn-ún lọ. Gbogbo rubọ́ọ̀ṣì Àmòfin ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ó ti lé e sí mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ti lọ. Fáìlì tí mò ń wò yìí ti ṣófo. Orúkọ ta ni mo ń wò yìí? Àǹtí mi, ẹ̀yin kọ́?"

Mi ò gé ìrù. Mo tẹ "Fèsì" sórí ìwé Àmòfin, mo kọ́ igba èèyàn ó lé mẹ́rìnlá bí wọ́n ṣe ń gé ìrù, mo sì gbé gbogbo ìrù òwúrọ̀ náà sẹ́yìn mi lọ. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀. Ìda ti jóná tán nínú ìkòkò kékeré yẹn, iyàrá ń rùn.

Bàbá Onígóòlù pè ní nǹkan bí ọ̀sán. Ẹnì kan ti sọ fún un. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni ó wí fún mi, ó ń tù mí nínú, òun tí mo ti fi ṣe ẹlẹ́yà fún ọdún mẹ́fà. Agbè wo ni kò fọ́? Kò lè fi ọmọ tí kò ní ìwé àṣẹ sí ìdí fèrèsé. Bí ó bá gbà á, á gbà á bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́ta míì. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé sì ni, kò mọ̀ bóyá òun ní ọdún mẹ́ta. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìyẹn, mi ò bi í.

Ìwé Ọ̀gá Pátápátá dé ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ilẹ̀kùn tí mo tì ló dá a dúró, òun àti ìwé mẹ́tàdínlógún míì. Ó tẹ "Fèsì" sórí àkópọ̀, ó rò pé Bàbá Onígóòlù nìkan ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní: "Ẹ wá fi ọwọ́ ahun fọwọ́ sí i fún un." Mo pa á rẹ́. Òun ni ohun rere kan ṣoṣo tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Mo lọ sí ìlà kejì yẹn, èyí tí Bàbá bẹ̀ mí lé lórí. Kí ìdáhùn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ̀wé. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Aago méjì kọjá. Mo pe Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, kò gbé e. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ní aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú, ìwé kan wọlé sórí fóònù mi, kò gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kọjá.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Wọn ò fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí n kó irinṣẹ́ mi. Wọ́n fi àkópọ̀ náà lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa kà á lọ lójú ọ̀nà, mo sì kà á tán. Mo rí ìwé yín ní ìparí rẹ̀. Mo ti ṣe bí ẹ ṣe kọ́ wa: mo tẹ orúkọ yín, mo da àdírẹ́sì yín kọ, mo ṣí ìwé tuntun, mo gé ìrù. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wò ó bóyá mo ṣe é dáadáa. Ẹ̀yin nìkan ni mo kọ ọ́ sí."

Mo wo ibi tí wọ́n kọ "Sí" sí. Mo tún un wò. Orúkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ṣe é dáadáa.